Owo re ko pe ma wa

Bó ṣe wà lókè yẹn gẹ́lẹ́ ni Mútíù ṣe kọ ọ́. Kò sí àmì ohùn, kò sí ìdánudúró, kò tiẹ̀ fi "o" sí i níparí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló wọlé sórí Wásáàpù mi, aago 7:14, mò ń fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di aago 9 àbúrò ẹ̀ ti pè mí pé Mútíù ti kú. Ojú ọ̀nà Ìpóbẹ́ ni, kàmíọ̀n kan bàjẹ́ sórí gudirọ́ọ̀nù, kò tan iná, wọn ò já ewé sílẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kéèyàn lè mọ̀, ó fi maṣíìnì ẹ̀ wọ̀ ọ́ lábẹ́. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí bó ṣe kú.

Ohun tí mo fẹ́ kọ ni òru ọjọ́ náà, torí látàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi rí báyẹn, mo sì kàn ń dáhùn pé n kò sùn ni.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: káfíńtà ni mí, Kétu níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Àkábà Ìdènà. Mútíù ń ta pákó, ẹ̀gbẹ́ Ìlíkímù ni yáàdì ẹ̀ wà, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí a ti mọra. Mo gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan, mo lọ kó pákó tẹ́ẹ̀kì méjìlá lọ́dọ̀ ẹ̀ láwìn, 10,000 sẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 120,000 nìyẹn. Mo kó mẹ́jọ lọ, ó ní kí mẹ́rin tó kù máa sinmi lọ́dọ̀ òun ná. Mo san 80,000 díẹ̀díẹ̀. Ó ku 40,000, mo ṣèlérí pé ọjọ́ Jímọ̀ màá san án. Àmọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi tètè fún mi lówó, torí ẹ̀ mo fi 40,000 ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago 6:52. Ìṣẹ́jú méjìlélógún lẹ́yìn ẹ̀ ni mẹ́sẹ́jì yẹn wọlé.

Mo kà á, inú sì bí mi. Ohun tí mo kà ni: Owó rẹ kò pé, má wá. Torí mo mọ ohun tí mo ṣe, mi ò fi owó ìyọ sí i. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí, tí o bá fi owó ránṣẹ́ sí èèyàn lórí fóònù, ìgbà tó bá fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n máa gé nǹkan nínú ẹ̀, torí náà ẹni tó bá mọ̀wàá hù á fi owó ìyọ lé e. Mo mọ̀, mo gbàgbé, tàbí kí n sọ òótọ́, mo ṣe bíi pé mo gbàgbé. Ni mo bá rò pé nítorí owó ìyọ tí kò tó nǹkan yẹn ni Mútíù ṣe ń sọ fún mi pé kí n má wá kó pákó. Mo tẹ èsì: "Iru oro radarada wo niyen". Mo fi ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, eérú, àmì kan yẹn ló ń sọ pé ó ti kúrò lórí fóònù mi ṣùgbọ́n kò tíì dé orí tiẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sórí àga mi.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo sọ sí ọ̀rẹ́ mi. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láyé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin ín, bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Àbúrò ẹ̀, Kàmọ́rù, sọ pé aago 10. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mi nínú ṣọ́ọ̀bù, kúráǹ ti lọ, fóònù mi ku ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, mo ṣí mẹ́sẹ́jì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé bí mo ṣe kà á kọ́ ni gbogbo èèyàn máa kà á.

Ẹ bá mi wò ó. "Pe" yẹn, tó bá jẹ́ pé pé ni, owó ò pé. Tó bá jẹ́ pẹ́ ni, owó rẹ kò pẹ́, ìyẹn ni pé o tètè san án, ọjọ́ Jímọ̀ lo dá, Ọjọ́bọ̀ lo san. Àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n. "Ko" náà ńkọ́, ó lè jẹ́ kò, ó sì lè jẹ́ kó: owó rẹ kó pé, kó tó di pé o wá. "Ma wa" ló wá burú jù. Má wá. Máa wá. Màá wá. Ọ̀kan ní kí n jókòó sílé, ọ̀kan ní kí n bọ̀, ọ̀kan ní òun alára ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. (Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fi àmì sórí gbogbo ohun tí mò ń kọ báyìí, bó tiẹ̀ ń pẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló kọ́kọ́ dá mi dúró, torí lójú ọ̀nà ló kú sí. Tó bá jẹ́ màá wá ló kọ, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ o, wá gba owó ìyọ, kàmíọ̀n sì dúró dè é. Mo dìde, mo jáde síta, mo tún wọlé. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ọ̀nà Ìpóbẹ́ kọ́ lèèyàn ń gbà láti yáàdì ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, ojú sì tì mí pé ọkàn mi balẹ̀.

Mútíù ní àṣà kan. Kó tó ta pákó fún ẹ, á fi ìka lù ú. Pákó tó dáa á dún, èyí tí ìdin ti wọ̀ nínú á kàn dá ohùn bíi pé o lu àpò. Bó bá ti ń lù ú báyẹn, á máa fi ohùn ẹ̀ pe orúkọ mi, ohùn sókè, ohùn sísàlẹ̀, èmi náà á sì dáhùn. Ni mo bá mú ike omi kan àti agolo gúlúù tó ṣófo, mo ń fi oríkèé ìka lu mẹ́sẹ́jì náà nínú òkùnkùn. Má wá: òkè, òkè. Máa wá: òkè, àárín, òkè. Màá wá: ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ó dún yàtọ̀ dáadáa, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo dé orí pé àti pẹ́, ohùn kan náà ni, òkè ni méjèèjì, kò sí ìlù tó lè ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹnu nìkan ló lè yà wọ́n, ẹnu yẹn sì ti dákẹ́. Mo lù ú títí Ìyá Sùlé fi yọjú látinú ilé.

"Bàbá Sùlé, kí lẹ̀ ń lù láàjìn?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ó dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọlé wá sùn, ẹ̀yin náà kì í ṣe igi." Ó padà wọlé.

Tó bá jẹ́ pé mẹ́sẹ́jì yẹn ò fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á bá a sọ ọ́. Mo fà á sókè, mo ń ka gbogbo ohun tí Mútíù ti kọ sí mi láti ọdún méjì, ibi tí mo pààrọ̀ fóònù mọ. Mo mú pẹ́ńsùlù iṣẹ́ mi, mo gé páláńkì pẹlẹbẹ kan wá, mo ń fa ìlà sára ẹ̀: gbogbo ibi tó ti kọ "ma". Ó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Mo wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí èèyàn ṣe ń ya ìṣó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé tó bá fẹ́ sọ pé òun máa ṣe nǹkan, kì í kọ màá rárá, "mo ma" ló máa ń kọ. "Mo ma de lola." "Mo ma fi ran e." Ìgbà mẹ́jọ, kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Torí náà mo pa màá wá rẹ́. Kò bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn fún mi láyè láti mí.

Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́jọ nínú ẹ̀, má nìkan ló lè jẹ́: "ma binu", "ma se wahala", irú ẹ̀. Mẹ́fà, máa nìkan ló lè jẹ́: "ma gbadun ara e", "ma ki iyawo". Nínú àwọn má yẹn, ọ̀kan wà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ó ní "ma wule wa ojo n ro". Ẹ wò ó, má wulẹ̀ wá. Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí kò bá fẹ́ kéèyàn wá, bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn, ó máa ń fi "wulẹ̀" rọ̀ ọ́. Kò sí wulẹ̀ nínú èyí tó kọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Inú mi ti ń dùn bọ̀.

Mo tún dán nǹkan mìíràn wò. Èdè Faransé ni kíláfíyè fóònù tiwa méjèèjì, a ò yí i padà láti ìgbà tí a ti rà á. Mo ṣí ojú ìwé òfìfo, mo tẹ "maa wa", mo tẹ àlàfo. Fóònù fúnra ẹ̀ yọ a kan kúrò, ó di "Ma", torí Faransé mọ ma, kò mọ maa. Mo tún un ṣe, ó tún yọ ọ́. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Mútíù kọ máa ní kíkún, kó jẹ́ fóònù ló gé e lẹ́nu. Mo sọ pé ó ṣeé ṣe o. Ẹ̀rọ tó lè gé a kúrò nínú máa ò sọ fún wa bóyá máa ni wọ́n kọ. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni.

Mẹ́jọ, mẹ́jọ àti mẹ́fà, méjìlélógún nìyẹn. Ó ku ọ̀kan tí mi ò rí ibi tí màá kó o sí. Òun ló pa mí lóru yẹn, kì í ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ jókòó tì.

Ọdún tó kọjá ni, a ní àríyànjiyàn lórí pákó kan tó yapa. Mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó kọ̀wé sí mi: "Ma pe mi". Mo kà á sí má pè mí. Ìbínú wà nílẹ̀, kí ni mi ò bá kà á sí? Mo ní ó dáa, mi ò sì pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà kọjá níwájú yáàdì ẹ̀, mo lọ ń ra pákó lọ́dọ̀ ẹlòmíì tí pákó ẹ̀ tutù. Ìgbà tí a wá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ìwọ yìí, o ò tiẹ̀ pè mí." Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn pé ṣebí ìwọ lo ní. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi kẹ̀?" Ẹnì kan gbé àmàlà dé, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, a ò padà sórí ẹ̀ mọ́.

Máa pè mí. Ó lè jẹ́ pé máa pè mí ló kọ. Pé lẹ́yìn gbogbo bí mo ṣe sọ̀rọ̀ sí i, ó délé, ó jókòó, ó ní kí n máa pe òun. Èmi wá ń yẹra fún un fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, òun náà ń wo fóònù.

Ojú páláńkì yẹn ni mo ń wò, ìlà kan ṣoṣo tó dá dúró. Mo gbìyànjú láti rántí ohùn "Èmi kẹ̀" yẹn, bóyá ó yà á lẹ́nu tàbí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ àwọn ohùn tó ká ránṣẹ́ sí mi, mẹ́ta ló ṣẹ́kù lórí fóònù, ọ̀kan lórí iye pákó, ọ̀kan lórí ìyá ẹ̀ tí ara ò dá, ọ̀kan ẹ̀rín lásán. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀ tán tí mo padà sórí mẹ́sẹ́jì, bí mo bá ṣe fẹ́ ló máa ń kà á fún mi. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, má wá ló ń sọ. Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, máa wá ni. Mo wá mọ̀ pé ohùn ẹ̀ kọ́ ni mò ń gbọ́.

Aago 3 kọjá díẹ̀, batiri ku 17, mo rántí èsì mi. "Iru oro radarada wo niyen." Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì kan. Mo di ọwọ́ mọ́ ọn pé kí n pa á rẹ́, ó sì ń bi mí bóyá kí n pa á rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn tàbí lọ́dọ̀ mi nìkan, mo ń rò ó, nígbà náà lojú mi kò ó: àmì di méjì.

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ òkú. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, ẹnì kan ló fi fóònù náà sí iná, fóònù tàn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé, ẹrù tó wà lójú ọ̀nà dé. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo ju fóònù sórí èérún pákó, mo sì jókòó jìnnà sí i. Nígbà tí mo padà gbé e, àmì méjèèjì ṣì jẹ́ eérú. Mo pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Ibi tó wà wá di gbólóhùn Faransé kan tó ń sọ pé mo ti pa mẹ́sẹ́jì yìí rẹ́. Èyí náà tún burú, torí ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé mo sọ nǹkan, kò kàn ní mọ ohun tó jẹ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo gun maṣíìnì. Mi ò tíì yanjú ẹ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé tó bá jẹ́ má wá ló kọ, ìyẹn wà láàárín èmi àti ẹ̀, ẹni tó wà láyè ló ń lé èèyàn. Mo fi 2,000 sápò, owó ìyọ ni, ohun tó jẹ́ tòkú ti di ogún àwọn ọmọ ẹ̀.

Kàmọ́rù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì mọ́ mi. "Bọ̀dá, ẹ mà dé. Alẹ́ àná ló ń sọ̀rọ̀ yín."

Mo ní kí ló sọ. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, òun ń di ẹrù lọ́wọ́, ó kàn pe orúkọ mi, ó ní Bàbá Sùlé, Bàbá Sùlé yìí, ó mi orí. Mo bi í pé ṣé ó ń bínú ni. Ọmọ náà wò mí bíi pé mo bi í ní nǹkan tí kò yé e. Ó mú fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde, gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ lápá kan, ó ṣí ibi tí orúkọ mi wà. Nísàlẹ̀, níbi téèyàn ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan wà tí Mútíù ti bẹ̀rẹ̀ tí kò fi ránṣẹ́:

pako yo

Ó tán. Pákó yòókù, mo rò pé òun ló fẹ́ kọ. Pákó yòókù wà níbí? Pákó yòókù, n kò ní kó o sílẹ̀? Kàmọ́rù ní kí n wá wò ó, ó mú mi dé ẹ̀yìn yáàdì. Pákó tẹ́ẹ̀kì mẹ́rin ló dúró ti ògiri, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ B.S. sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì náà, ó bá mi lọ́wọ́. Mo bi Kàmọ́rù ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ó ní òun ò mọ̀, ó lè jẹ́ àná, ó lè ti pẹ́.

Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ pákó tí wọ́n máa fi bo orí ẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀. Gbogbo pákó tó wà ní yáàdì yẹn, yàtọ̀ sí mẹ́rin wọ̀nyí, tutù ni, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n já a sílẹ̀. Àgbà kan ní tẹ́ẹ̀kì kọ́ lèèyàn ń rì mọ́lẹ̀, ó wọ́n jù. Kàmọ́rù wò mí. Mo ní tèmi ni, mo ti sanwó ẹ̀, kí wọ́n gbé ayùn fún mi.

Wọ́n mú ìwọ̀n wá lára igi, ó lé díẹ̀ ní 80 sẹ̀ńtímítà. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Kí n tó gé e, mo fi ìka lu gbogbo wọn, wọ́n dún.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ń gba pákó lọ́wọ́ mi níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó. Mẹ́jọ ò ní nǹkan lára. Mẹ́rin ní B.S. Ẹni tó wà nínú kòtò bi mí pé apá ibo ni ṣọ́ọ̀kì máa kọ sí. Mo ní kó kọjú sísàlẹ̀.